Máàkì 86 nínú 100, síbẹ̀ wọn ò pè é: ibi tí sí-fíì tó dára máa ń há sí

Bí ẹ bá ti wá iṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì rí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti lo irú ojú òpó kan báyìí. Wọ́n á ní kí ẹ lẹ ọ̀rọ̀ inú sí-fíì yín sí apá kan, kí ẹ lẹ ìkéde iṣẹ́ sí apá kejì, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, máàkì ti jáde: 60, 75, 86. Bí máàkì bá kéré, á pọ́n. Bó bá pọ̀, á di àwọ̀ ewé, inú yín á sì dùn. Ẹ fi ìwé ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, oṣù kan kọjá, ẹnikẹ́ni ò pè yín.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí mo mọ̀ ní Adégbàyí níbí ló ti bá irú èyí pàdé, ohun tí wọ́n sì máa ń sọ ò ju méjì lọ: "Wọ́n ti mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ mú tẹ́lẹ̀," tàbí "Ọlọ́run ò tíì fọwọ́ sí i." Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ o. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà tó ṣeé tọpasẹ̀, torí pé ẹ̀rọ ló wà nídìí ẹ̀, ẹ̀rọ sì ní bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Mo máa fi ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn ló kà ní yunifásítì, sẹ́kọ́ńdì kíláàsì ọ́pà ló sì fi jáde. Ó rí ìkéde iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń lọ oúnjẹ adìẹ. Ẹni tí yóò máa yẹ oúnjẹ wò ní láàbù, kó tó jáde fún àwọn olùsìn adìẹ, ni wọ́n ń wá. Ó gbé sí-fíì rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, ó gba 86 nínú 100. Wọn ò pè é. Mo yan tirẹ̀ torí pé a padà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, èyí tó ṣọ̀wọ́n.

Kí ni máàkì yẹn ń kà gan-an?

Ọ̀pọ̀ irú ojú òpó yìí ń ṣe ohun kan tó rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Wọ́n á ka ìkéde iṣẹ́, wọ́n á ṣa àwọn kókó ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, wọ́n á wá wò ó bóyá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà nínú sí-fíì yín. Èyí tó wà, wọ́n á kà á. Wọ́n á wá fi iye tó wà pín sí iye gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣà. Àwọn kan máa ń fi ẹ̀kọ́ tàbí orúkọ ipò iṣẹ́ kún un, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ náà nìyẹn.

Kókó ọ̀rọ̀ 14 ni wọ́n ṣà nínú ìkéde tí ọ̀rẹ́ mi rí:

```
quality control, poultry feed, raw materials,
sampling, laboratory, moisture, record keeping,
Excel, report writing, teamwork, communication,
safety, proximate analysis, Kjeldahl
```

Méjìlá àkọ́kọ́ wà nínú sí-fíì rẹ̀. Méjì tó gbẹ̀yìn ò sí níbẹ̀. Ẹ fi 12 pín sí 14, ẹ ó rí i pé ó tó 86 nínú 100. Máàkì tó dára nìyẹn, àbí?

Ṣùgbọ́n ẹ padà wo méjì tí kò sí níbẹ̀ yẹn dáadáa. `proximate analysis` ni orúkọ tí wọ́n ń pe yíyẹ oúnjẹ wò láti mọ iye omi, pùròtéènì, ọ̀rá, okun àti eérú tó wà nínú rẹ̀. `Kjeldahl` ni ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn pùròtéènì. Wọ́n á fi ásíìdì gbígbóná jó oúnjẹ náà títí náítírójìn inú rẹ̀ yóò fi di nǹkan tó ṣeé wọ̀n, wọ́n á wọn náítírójìn yẹn, wọ́n á wá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 6.25. Kí ló dé tó fi jẹ́ 6.25? Torí pé nínú pùròtéènì 100 gíráàmù, náítírójìn máa ń tó gíráàmù 16, 100 tí ẹ bá sì fi 16 pín jẹ́ 6.25. Bí náítírójìn inú oúnjẹ bá jẹ́ 3.2 nínú 100, a jẹ́ pé pùròtéènì rẹ̀ jẹ́ 20 nínú 100.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń wá èèyàn fún gan-an nìyí o! Bí pùròtéènì inú oúnjẹ adìẹ bá dín sí ohun tí wọ́n kọ sára àpò, adìẹ ò ní yé ẹyin bó ṣe yẹ, oníbàárà á sì padà wá jà. Ṣùgbọ́n lójú òṣùwọ̀n yẹn, `Kjeldahl` jẹ́ oókan nínú mẹ́rìnlá, `teamwork` náà jẹ́ oókan nínú mẹ́rìnlá. Ọgbọọgba ni wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi gba máàkì lórí gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ, ó pàdánù èyí tí kì í ṣe gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n ṣe.

Èyí tó dunni jù ni pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Iṣẹ́ ìwádìí tó fi jáde ní yunifásítì dá lórí oúnjẹ adìẹ, ó wọn pùròtéènì inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrìnlélógún, Kjeldahl gan-an ló lò. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ sínú sí-fíì ni `nutrient composition of feed`. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á mọ̀ pé ohun kan náà ni. Òṣùwọ̀n tó ń wá ọ̀rọ̀ ní ẹyọ-ẹyọ ò mọ̀.

Ẹ̀rọ tiyín kọ́ ni ẹ̀rọ tiwọn

Ohun kejì tí kì í yé èèyàn ni pé máàkì 86 yẹn ò kúrò lórí fóònù yín. Ojú òpó tí ẹ lò ló ṣírò rẹ̀, ẹ̀yin ló sì fi hàn. Agbanisíṣẹ́ ò rí i. Sọ́fítíwia tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni, ọ̀pọ̀ irú sọ́fítíwia bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í fún ẹnikẹ́ni ní máàkì rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó ìwé jọ, láti béèrè ìbéèrè lẹ́nu ọ̀nà, àti láti jẹ́ kí ẹni tó ń gbani síṣẹ́ lè wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé tó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Nínú fọ́ọ̀mù tí ẹ máa ń kún, àwọn ìbéèrè kan wà tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ilẹ̀ wa, àwọn tó wọ́pọ̀ ni ọjọ́ orí, irú máàkì tí ẹ fi jáde ní yunifásítì, bóyá yunifásítì ni tàbí pólì, ibi tí ẹ ń gbé, àti bóyá ẹ ti sin ìlú tán. Bí ìdáhùn kan bá yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fẹ́, ìwé yín á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i. Kódà bí máàkì yín jẹ́ 100, kò kàn án.

Ti ìsìnrú ìlú yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú lásán. Òfin tó gbé ètò àgùnbánirọ̀ ró sọ pé kí agbanisíṣẹ́ béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Nítorí náà, ẹni tó ṣì ń sin ìlú tó wá tẹ "bẹ́ẹ̀ kọ́" ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn, kódà kó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré tí yóò parí.

Ilẹ̀kùn mìíràn tún wà tí èèyàn kì í rí, òun sì ni àlàfo ọjọ́. Ní ọdún 2021, Ilé Ẹ̀kọ́ Okòwò ti Hááfádì àti ilé-iṣẹ́ Asẹ́ńṣọ̀ gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín àwọn agbanisíṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, Bìrìtéènì àti Jẹ́mánì. Wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdajì àwọn ilé-iṣẹ́ ló ń yọ ìwé ẹni tó bá ní àlàfo tó ju oṣù mẹ́fà lọ láàárín iṣẹ́ kan àti òmíràn. Nínú ìwádìí kan náà, agbanisíṣẹ́ 88 nínú 100 ló gbà pé ètò àwọn ń yọ ẹni tó mọṣẹ́ dànù, kìkì nítorí pé kò bá gbogbo ohun tí ìkéde sọ mu rẹ́gírẹ́gí.

Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ṣe ìwádìí yẹn, ṣùgbọ́n ẹ ro ti tiwa wò. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ní ọdún 2022 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì, ó parí ní oṣù Kẹwàá, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ẹni tó parí ẹ̀kọ́ tó sì ń retí ìpè láti lọ sin ìlú náà lè jókòó sílé ju oṣù mẹ́fà lọ. Sọ́fítíwia tí wọ́n kọ ní ìlú tí kò ti sí irú nǹkan báyìí ò mọ ìyanṣẹ́lódì, àlàfo ni yóò rí. Bí ẹ bá ń kọ̀wé sí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi ìlà kan kún àlàfo náà, ẹ kọ ohun tí ẹ ń ṣe lásìkò yẹn gan-an, ìbáà ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àdáni, ìbáà ṣe iṣẹ́ ní oko adìẹ bàbá yín.

Ohun tí wọ́n gbà lè yàtọ̀ sí ohun tí ẹ fi ránṣẹ́

Nígbà tí ẹ ń gba máàkì, ọ̀rọ̀ lásán ni ẹ lẹ̀ mọ́ inú àpótí. Ṣùgbọ́n fáìlì ni ẹ fi ránṣẹ́ sí agbanisíṣẹ́, sọ́fítíwia rẹ̀ ló sì máa yọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń wọlé. Bí àwọn tó ń tẹ̀wé fún yín bá fi òpó méjì ṣe sí-fíì yín kó lè rẹwà, àwọn sọ́fítíwia kan á ka ìlà òsì pọ̀ mọ́ ìlà ọ̀tún, orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ẹ ti ṣiṣẹ́ á wá dà pọ̀ mọ́ nọ́ńbà fóònù yín. Bí ó bá jẹ́ pé fọ́tò ni wọ́n yà, tí wọ́n wá sọ ọ́ di pí-dí-ẹ́ẹ̀fù, ó ṣeé ṣe kí ó má rí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ rárá.

Ẹ lè dán èyí wò láàárín ìṣẹ́jú kan. Lórí fóònù, ẹ ṣí fáìlì náà, ẹ fọwọ́ tẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pẹ́, ẹ kọ́pì gbogbo ẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú Wáàsáàpù yín. Bí kò bá gbà kí ẹ kọ́pì, fọ́tò ni. Bí ohun tó jáde bá dàrú, ó ṣeé ṣe kó dàrú lọ́dọ̀ tiwọn náà. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà tó ní irinṣẹ́ yìí lè kọ:

```
pdftotext cv.pdf cv.txt
```

Kí ẹ wá ṣí `cv.txt` láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ohun tí ẹ rí ò bá yé ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́, ẹ̀rọ ò ní ṣe dáadáa jù yín lọ.

Mo dán ti ọ̀rẹ́ mi wò. Kò sí ìṣòro níbẹ̀. Ó ti sin ìlú tán, kò sí àlàfo, ọjọ́ orí rẹ̀ ò kọjá ohun tí wọ́n sọ. Ó dájú pé ó wọ ilẹ̀kùn. Kí ló wá ṣẹlẹ̀?

Inú àpótí ìwádìí ló ti sọnù

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ń sin adìẹ, ilé-iṣẹ́ yẹn náà ló sì ti ń ra oúnjẹ. Lọ́jọ́ kan tó tẹ̀ lé e lọ, ó bá ọ̀gá láàbù pàdé, ó kí i, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo kọ̀wé fún iṣẹ́ tí ẹ kéde nígbà yẹn. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni."

Ọ̀gá náà ò bínú. Ó ní ìwé tó wọlé lé ní 300. Lẹ́yìn ìbéèrè ẹnu ọ̀nà, ó ku 140. "Ta ló fẹ́ ka 140?" ló wí. Ó ní òun kàn tẹ ohun kan sínú àpótí ìwádìí ni:

```
proximate OR Kjeldahl
```

Ìwé 19 ló jáde. Òun ka àwọn yẹn, òun pe mẹ́fà. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi sọ ohun tó ṣe nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, ọ̀gá náà mi orí, ó ní, "Ó ṣe o, ọmọ mi. Ǹ bá ti pè ọ́, ṣùgbọ́n ìwé rẹ ò jáde sí mi."

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láàárín ẹni 140 tó kọjá ẹnu ọ̀nà, mẹ́fà ni wọ́n pè, èyí jẹ́ nǹkan bíi 4 nínú 100. Láàárín àwọn 19 tó jáde nínú ìwádìí, mẹ́fà nínú 19 jẹ́ nǹkan bíi 32 nínú 100. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló sọ àǹfààní di ohun tó lé ní ìlọ́po méje! Bí ó bá jẹ́ `teamwork` àti `communication` ló gbàgbé dípò méjì yẹn, máàkì rẹ̀ ì bá ṣì jẹ́ 86 géérégé, ìwé rẹ̀ ì bá sì ti jáde. Máàkì kan náà, èsì tó yàtọ̀ pátápátá.

Ẹ tún wo apá kejì ìṣirò yẹn. Kódà ká ní ó wà nínú àwọn 19, ẹni 13 níbẹ̀ ni wọn ò pè, wọ́n sì mọṣẹ́. Níbi tí èrò bá ti pọ̀ ju àyè lọ báyìí, kò sí máàkì tó lè sọ pé wọ́n á pe èèyàn dandan. Nígbà tí àjọ tó ń rí sí ìwọlé-wọ̀de ilẹ̀ wa ṣe ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2014, ó lé ní 500,000 èèyàn tó kọ̀wé fún àyè tí kò tó 5,000. Àwọn kan pàdánù ẹ̀mí wọn nínú ìtìrìgbọ̀n ọjọ́ náà. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó kọ̀wé nígbà yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo ni àyè wà fún.

Kóńgò tó ti di ti gbogbo èèyàn

Ohun mìíràn tún ń ba máàkì yìí jẹ́. Ẹ mọ kóńgò tí wọ́n fi ń wọn gàrí lọ́jà. Bí ìyá oníṣòwò kan bá tẹ ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú díẹ̀, ó ṣì ń jẹ́ kóńgò, ṣùgbọ́n gàrí inú rẹ̀ ti dín. Nígbà tí gbogbo ọjà bá wá ń tẹ ìdí kóńgò, orúkọ yẹn ò sọ iye gàrí fún ẹnikẹ́ni mọ́. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Bìrìtéènì kan, Charles Goodhart, sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nípa ètò owó ní ọdún 1975: gbàrà tí èèyàn bá ti ń fi òṣùwọ̀n kan darí nǹkan, òṣùwọ̀n náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá.

Bó ṣe rí pẹ̀lú máàkì sí-fíì nìyẹn. Nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti ń lẹ ọ̀rọ̀ inú ìkéde mọ́ sí-fíì kí máàkì lè pọ̀, gbogbo ìwé á máa jọra. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń fi àwọ̀ funfun kọ ọ̀rọ̀ sórí ìwé funfun, kí ẹ̀rọ rí i, kí èèyàn má rí i. Ẹ má dán an wò. Nígbà tí sọ́fítíwia bá yọ ọ̀rọ̀ jáde, àwọ̀ ò sí mọ́, gbogbo ohun tí ẹ fi pamọ́ á hàn kedere lójú ẹni tó ń kà á.

Torí náà, ohun tí ẹni tó ń kà á ń wá ni ẹ̀rí. Ilé-iṣẹ́ Ládàsì ní Amẹ́ríkà wọn ìgbà tí àwọn agbanisíṣẹ́ fi ń wo sí-fíì kan ní ìgbà àkọ́kọ́, ní ọdún 2018 wọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá 7.4 ni. Ẹ wo ìlà méjì yìí bí ẹni tí ò ní ju ìṣẹ́jú àáyá méje lọ:

```
Skills: laboratory, quality control, teamwork

Measured crude protein in 24 poultry feed
samples (proximate analysis, Kjeldahl, N x 6.25)
```

Ìlà àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́. Ìkejì, ẹni tó ti dúró ti ásíìdì gbígbóná rí nìkan ló lè kọ ọ́, tó sì lè dáhùn bí wọ́n bá bi í ní ìdí tó fi jẹ́ 6.25. Ó ní ọ̀rọ̀ tí àpótí ìwádìí ń wá, ó sì ní iye tí èèyàn lè gbà gbọ́.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ibi tí tiyín há sí?

Ẹ wo àsìkò. Bí ìkọ̀sílẹ̀ bá dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tàbí ní aago méjì òru, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ni ẹ há sí. Ẹ padà wo ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ tí ẹ dáhùn. Bí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan rárá, tí ẹ sì mọ̀ pé ẹ kọjá gbogbo ìbéèrè yẹn, ẹ kọ́kọ́ dán fáìlì yín wò bí mo ṣe ṣàlàyé. Bó bá mọ́, a jẹ́ pé àpótí ìwádìí tàbí òkìtì ìwé ló kù.

Fún ti àpótí ìwádìí, ẹ gbàgbé máàkì, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan: bó bá jẹ́ èmi ni ọ̀gá láàbù, tí mo ní ìwé 140 níwájú, ọ̀rọ̀ méjì wo ni mo máa tẹ̀? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ `teamwork` láé. Orúkọ iṣẹ́ ọwọ́, orúkọ ẹ̀rọ tàbí orúkọ ọ̀nà ìṣèdánwò ló máa ń jẹ́. Bí ẹ bá ti ṣe nǹkan náà rí, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú orúkọ tí àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Bí ẹ ò bá tíì ṣe é rí, ẹ má kọ ọ́.

Ohun tó kù lẹ́yìn èyí ò sí lọ́wọ́ sí-fíì. Bí wọ́n bá ti mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ mú kí ìkéde tó jáde, tàbí bí owó iṣẹ́ náà bá ti tán, kò sí ohun tó máa hàn lọ́dọ̀ yín tó yàtọ̀ sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Ẹ sọ fún mi nísàlẹ̀: nínú iṣẹ́ tí ẹ kọ̀wé fún kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ méjì wo lẹ rò pé ọ̀gá ibẹ̀ máa tẹ̀? Ṣé ó wà nínú sí-fíì yín?